Ẹrù, Ìfàgùn, Ìgan ati Agbára: Ẹ Máṣe Dà Wọn Pọ̀

Bi ẹ ba duro ni ibi ti a nta irin ikọle, iba ṣe l'Akurẹ tabi l'Ondo, ọ̀rọ̀ kan ni ẹ o ma gbọ́ li ẹnu ẹniti ntà ati ẹniti nrà: "Irin yi le." Ẹniti ntà nfi ọ̀rọ̀ na yin ọjà rẹ̀, ẹniti nrà nfi i bere ki o to na owo rẹ̀. Ṣugbọn bi a ba tú ọ̀rọ̀ kekere na wò, a o ri pe nkan mẹrin ọ̀tọ̀tọ̀ ni o fi ara pamọ́ sinu rẹ̀. Ẹniti o ba dà wọn pọ̀ le san owo ọkan ki o si gbé omiran lọ si ile. Awọn agba bọ̀, nwọn ni ibiti a ba pè li ori, a ki ifi tẹlẹ̀. Nitorina ni a ṣe fẹ́ fi orukọ fun olukuluku ninu awọn mẹrẹrin loni, ki a si fi irin kan ṣoṣo ṣe apẹrẹ wọn.

Akẹkọ imọ-ẹrọ ti o ba wọ Yunifasiti Imọ-Ẹrọ ti Ijọba Apapọ l'Akurẹ, eyiti a dá silẹ ni 1981, yio ba awọn mẹrin na pade labẹ orukọ ti awọn oyinbo fun wọn: sitirẹẹsi, sitireeni, sitifinẹẹsi ati sitirẹnti. Etí ẹniti o ṣẹṣẹ nbẹrẹ kò le ya wọn sọtọ, nitori nwọn jọ ara wọn bi ọmọ ìyá kan. Oyinbo papa kò bọ́ ninu idàrú yi. Ninu ọ̀rọ̀ ojojumọ wọn, ìnira ati ãrẹ̀ ọkàn ni nwọn nfi meji akọkọ pè. Awa ni tiwa yio pè wọn ni ìpín-ẹrù, ìpín-ìfàgùn, ìgan ati agbára.

Ẹ jẹ ki a bẹrẹ pẹlu ìpín-ẹrù. Ẹ wo obinrin ti o ru garawa omi. Bi o ba gbé e ka ori lasan, etí idi garawa yio ma gún u li ori. Ṣugbọn bi o ba ká òṣùká si abẹ rẹ̀, ara a tù u. Njẹ omi na ha din bi? Kò din rara. Ẹrù na ni o tàn ka àyè ti o tobi, ti olukuluku àyè kekere li ori rẹ̀ si gba ìpín ti o kere. Eyi ni ìpín-ẹrù: ki a mu gbogbo ẹrù, ki a si pin i fun gbogbo àyè ti o nrù u. Nitorina, bi ẹnikan ba sọ fun nyin pe ẹrù kilo ẹgbẹ̀rún kan wà li ara irin kan, kò ti isọ nkankan fun nyin nipa ìyà ti njẹ irin na. Ẹ bi i lere pe, "Bawo ni irin na ti nipọn to?" Nigbati o ba dahun, nigbana li ẹ o mọ̀ ìpín ti o kan olukuluku ibi lara rẹ̀.

Ekeji ni ìpín-ìfàgùn. Ninu ọpọlọpọ ile l'Ondo ati l'Akurẹ, kanga ni a nfi okùn fà omi rẹ̀. Okùn ọra ti a so mọ́ garawa a ma gùn si i diẹ nigbati garawa ba kún. Ka ni okùn kan gùn ni mita 10, ti o si fi sẹntimita 20 gùn si i. Ka ni okùn keji ti a fi ohun kanna ṣe gùn ni mita 1 pere, ti o si fi sẹntimita 2 gùn si i. Ẹni ti o nwò wọn li okere yio wipe ti akọkọ fà jù ti ekeji lọ. Kò ri bẹ. Ninu olukuluku ọgọrun ìpín gigun okùn kọkan, ìpín meji ni a fi kún u. Bakanna ni awọn mejeji fà. Bi a ṣe npin ẹrù fun àyè ni a npin ìfàgùn fun gigun ti okùn ni ki a to fà a. Ẹ si kiyesi i pe ìpín-ẹrù ni ohun ti a fi le okùn lara. Ìpín-ìfàgùn ni bi okùn na ṣe dahun. Ìpè ni ekini, ìjẹ́ ni ekeji. Ẹniti o ba ranti eyi kò tun ni ṣì wọn pè mọ́.

Ẹkẹta ni ìgan. Ọ̀rọ̀ yi kò ṣe ajeji si wa. A ma nsọ pe awọ gbigbẹ gan. Ninu ẹkọ yi, ohun ti o gan ni ohun ti kì ijẹ́ ìpè bọ̀rọ̀: a fi ẹrù nla le e, ìfàgùn rẹ̀ si kere. Ẹ mu rọba ti awọn ọmọde nfi ta ẹiyẹ, ki ẹ si mu waya irin ti o tinrin to rọba na. Ẹ fà wọn pẹlu ipá kanna: rọba yio gùn li oju nyin, waya yio dabi ẹnipe kò mira. Waya na mira nitõtọ, ṣugbọn oju kò le ri i. Ọmọwe Gẹẹsi nì, Robati Huuku, ni o kọ ọ silẹ ni 1678 pe bi a ba ṣe nfi kún ẹrù, bẹ gẹgẹ ni ìfàgùn yio ma fi kún ara rẹ̀. Bi ẹrù ba di ìlọ́po meji, ìfàgùn yio di ìlọ́po meji. Tọmaasi Yọngi si sọ nipa iwọn ìgan ninu iwe ẹkọ rẹ̀ ti o jade ni 1807, orukọ rẹ̀ ni a si fi npe iwọn na titi di oni. Bi a ba fẹ mọ̀ iwọn ìgan ohun kan, ki a mu ìpín-ẹrù ki a fi ìpín-ìfàgùn pin i. Kò ju bẹ lọ.

Ẹkẹrin ni agbára. Agbára kì isọ bi nkan ṣe nfà to. Ìpín-ẹrù ti yio gbà ki o to jọwọ ara rẹ̀ silẹ ni o nsọ. Nihin ni ọpọlọpọ ti nṣìnà, nitori nwọn rò pe ohun ti o ba gan ni o ni agbára. Ẹ wo ikoko amọ̀: o gan pupọ, kò ṣe itẹ̀, ṣugbọn bi a ba fi ara rẹ̀ gbá okuta lẹ̃kan, a ma fọ́ yángá. Ẹ wo okùn ọra ti kanga: kò gan rara, o nfà bi a ti nsọ; sibẹ o ngbé garawa lojojumọ fun ọdun pupọ lai já. Ikoko ni ìgan laini agbára ìfà. Okùn ni agbára laini ìgan. Irin ni mejeji, eyi ni o si fi jẹ ayanfẹ awọn ọ̀mọ̀lé.

Nisisiyi ti a ti mọ̀ wọn li orukọ, ẹ jẹ ki a fi wọn ṣe iṣẹ. Ka ni ọkọnrin kan nkọ́ ile alaja kan ni àdúgbò Yaba l'Ondo. Onimọ ile kọ ọ sinu iwe pe irin ti o nipọn ni milimita 12 ni ki a lò ninu biimu. Ẹ mọ̀ pe nigbati ẹrù ba wà lori biimu, ikùn rẹ̀ ni isalẹ ni a nfà. Kọnkere kò si le gba ìfà, nitori agbára rẹ̀ ninu ìfà kò ju bi ìdá kan ninu mẹwa agbára rẹ̀ ninu ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ. Irin ti a tẹ́ si isalẹ ni o nru ìfà na. Ki ìṣirò ma ba ta kókó, a o mu ọkan ṣoṣo ninu awọn irin na, eyiti o gùn ni mita 4, a o si gbà pe ìfà ti o kàn a jẹ kilo 2,200.

Bi a ba gé irin milimita 12 wò li oju ibi ti a gé e, àyè rẹ̀ to oju milimita 113. Ohun ti a npè ni oju milimita kan ni àyè ti o fẹ̀ ni milimita kan ti o si gùn ni milimita kan. Ẹ pin kilo 2,200 fun 113: ìpín-ẹrù jẹ kilo 19 abọ̀ fun oju milimita kan. Iwọn ìgan irin jẹ nipa kilo 20,000 fun oju milimita kan. Ẹ fi pin 19 abọ̀, ìpín-ìfàgùn yio to bi ẹyọ kan ninu ẹgbẹ̀rún. Ninu irin mita 4, eyini fẹrẹ to milimita 4. Agbára irin lasan, iru eyiti ara rẹ̀ ndán borogidi, ki o to bẹrẹ si jọwọ ara rẹ̀, jẹ nipa kilo 25 fun oju milimita kan. Kilo 19 abọ̀ kò ti ide ibẹ. Bi a ba gbé ẹrù kuro, irin na yio pada si gigun rẹ̀ atijọ bi ẹnipe ohunkohun kò ṣe e. Àlàáfíà ni.

Ṣugbọn ka ni irin ti a tà fun ọkọnrin na li orukọ milimita 12 kò ju milimita 10 lọ. Oju kò tètè ri iyatọ milimita meji, ẹniti o ba si fi ọkàn ṣe ìṣirò yio wipe, "Ìdá kan ninu mẹfa pere ni o din." Arékérekè ọ̀rọ̀ na niyi. Àyè irin kì iba sisanra rẹ̀ rin li ọgbọ́gba. Bi sisanra ba din, àyè a ma din jù u lọ. Àyè irin milimita 10 jẹ nipa oju milimita 78 abọ̀. O ti din to bi ìdá kan ninu mẹta! Ẹ pin kilo 2,200 kanna fun 78 abọ̀: ìpín-ẹrù di kilo 28. Ẹrù kò pọ̀ si i, irin kò yi ẹ̀yà pada, agbára rẹ̀ si wà ni 25 sibẹ. Ìpín-ẹrù nikan ni o goke, o si ti rekọja agbára. Irin na yio bẹrẹ si fà lai duro, kì yio si pada mọ́, gẹgẹ bi waya tẹ́ẹ́rẹ́ ti a fi ndè irin ti ki ipada si titọ́ nigbati a ba ti tẹ̀ ẹ́. Kọnkere ti o wà lara rẹ̀ kò le ba a fà. Yio là ni isalẹ biimu, ilà na yio si ma fẹ̀ lojojumọ.

Bayi ni ọkọnrin na le wipe, "Emi yio ra irin miran ti o lágbára jù, eyiti ara rẹ̀ ni ilà kókókókó." Irin bẹ wà, agbára rẹ̀ a si ma ju kilo 40 lọ fun oju milimita kan bi a ba ṣe e dara. Ẹ jẹ ki a fi irin bẹ ti o nipọn ni milimita 10 dipo ti akọkọ. Ìpín-ẹrù jẹ kilo 28 sibẹ, nitori ẹrù ati àyè kò yipada. Agbára rẹ̀ ju 28 lọ, nitorina kò ni jọwọ ara rẹ̀. Ṣugbọn elo ni yio fà? Nihin ni ọpọ enia ti nya ẹnu. Ìgan irin ti o lágbára ati ìgan irin lasan, ọkan na ni. Kilo 20,000 ni awọn mejeji. Ẹ fi pin 28, ki ẹ si fi mita 4 sọ ọ di pupọ, ẹ o ri milimita 5 abọ̀ ati diẹ si i. Irin lasan ti o nipọn ni milimita 12 fà ni milimita 4. Irin alágbára ti o nipọn ni milimita 10 fà jù bẹ lọ. Ọ̀gbẹ́ni na ra agbára, kò ra ìgan. Kò si ẹniti ita ìgan irin lọ́tọ̀ fun enia. Bi a ṣe da irin ni o ti wà lara rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yi ṣe pataki fun ẹniti dẹkin ile rẹ̀ nmì nigbati enia ba nrin lori rẹ̀. Mimì ati títẹ̀ jẹ ọ̀ràn ìgan. Wíwó ati jíjá jẹ ọ̀ràn agbára. Bi dẹkin ba nmì, irin alágbára kò le wò o sàn. Ohun ti iwò o sàn ni ki biimu jìn si i lati oke de isalẹ, tabi ki opó sunmọ ara wọn. Ẹ mu pákó kan ti o nipọn ni inṣi 2 ti o si fẹ̀ ni inṣi 6, ki ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kọja gọta, ki enia kan si duro li ãrin rẹ̀. Lẹhin na ki ẹ fi etí rẹ̀ duro, ki ẹ dì i mú li ẹgbẹ mejeji ki o má ba ṣubu, ki enia na si tun duro. Pákó kanna ni, igi kanna ni, ṣugbọn títẹ̀ rẹ̀ yio din di ìdá kan ninu mẹsan. Ẹrù ti o le rù ki o to ṣẹ́ kò pọ̀ to bẹ. Ìlọ́po mẹta pere ni. Ẹ wo bi ìgan ati agbára kò ti jọ rin li ẹsẹ̀ kanna, ani lara igi kan ṣoṣo. Ìgan ti a nsọ nihin, ìgan ti ìdúró pákó ni. Ìgan ti igi na papa kò yipada.

Bawo ni ẹniti nkọ́le yio ti ṣe mọ̀ pe irin rẹ̀ pé? Ki o máṣe gbẹkẹle oju, ki o má si gbẹkẹle ilà ara irin. Ilà na wà ki kọnkere ba le dì i mú, o si tun nmu ki irin dabi ẹnipe o sanra jù bi o ti ri lọ. Òṣùwọ̀n ni onidajọ. A dupẹ pe Akurẹ ati Ondo jẹ ilu kòkó. Òṣùwọ̀n kò ṣọwọn lọwọ wa. Irin ti a ntà a ma gùn ni mita 12. Ẹ kọ́kọ́ fi tepu wọ̀n gigun rẹ̀, nitori a ma ngé e kúrú nigbamiran. Lẹhin na ki ẹ gbé e kọ́. Irin milimita 12 ti o gùn ni mita 12 yio wọ̀n to kilo 10 ati diẹ jù abọ̀ lọ. Irin milimita 10 yio wọ̀n to kilo 7 ati diẹ. Bi a ba kọ́ irin ti a pè ni 12, ti òṣùwọ̀n si dahun kilo 9, ki ẹ mọ̀ pe milimita 11 ni, kì iṣe 12. Ki ẹ kọ́ marun tabi mẹwa pọ̀, ki ẹ si pin i, ki aṣiṣe òṣùwọ̀n ma ba tàn nyin jẹ. Ìdínkù kekere bi ìwọ̀n ọwọ́ kan kò jẹ ẹ̀ṣẹ̀, nitori ilé-iṣẹ́ kò le ṣe gbogbo irin dọ́gba ṣánṣán.

Bi o ba jẹ tọọnu kan lẹ̃kan ni a nrà, ẹ kà a. Tọọnu irin milimita 12 kan a ma to ẹyọ 94. Ti milimita 10 a ma to 135. Bi ẹniti nta ba gbé tọọnu kan wá ti ẹ kà a ti o di 110, ẹ máṣe yọ̀ pe o ṣe ènì fun nyin. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni o kó wá. Bi bẹnda si ti nka ẹyọ irin sinu biimu gẹgẹ bi iwe onimọ ile ti wi, ẹyọ yio pé ṣugbọn irin kò ni pé.

Òṣùwọ̀n na kò le sọ ohun gbogbo. Sisanra ni o nsọ. Kò le sọ bi agbára irin ti to. Irin ti o sanra to le jẹ alailagbara bi a ba da a lati inu ajákù irin ti kò dara. Ẹrọ ti o nfà irin titi yio fi já nikan ni o le sọ eyi. Irin diẹ ti a gé lara ọjà na ni a ngbé lọ sibẹ. Bakanna, ìṣirò ti a ṣe loke yi dara fun irin nigbati kò ti ijọwọ ara rẹ̀. Lẹhin na, ofin Huuku kò bá a mu mọ́. Okùn ọra kì itẹle e ṣánṣán, igi si ni agbára ọtọ̀ ni gigun rẹ̀ ati ọtọ̀ ni ìbú rẹ̀. Nitori awọn nkan wọnyi, ati nitori ẹrù ti ẹnikan kò rò tẹlẹ, onimọ ile kì ilo agbára irin tan. A ma fi ala silẹ. Ẹniti o ba fi irin 10 rọ́pò 12 ti jẹ ala na ki ile to duro.

Nitorina, nigbati ẹ ba tun gbọ́ "Irin yi le," ẹ fi suru bere: ẹrù melo ni yio kàn oju milimita kan? melo ni yio fà? ìgan ni ẹ nsọ ni, tabi agbára? Bi ẹniti nta kò ba le dahun, ẹ sọ fun u pe ki o gbé òṣùwọ̀n jade.